Pátákó Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Ìwé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fún ọmọ ọmọ mi lówó pé kó bá mi ra ìwé ìtàn kan bọ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí èèyàn lè kà tán láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ó padà dé, ó ní owó náà kò tó, pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ náírà ni wọ́n ń ta á. Mo ní kó tún un sọ. Nígbà tí mo wà ní géńdé, náírà mẹ́ta péré máa ra irú ìwé yẹn, wọ́n á sì tún fún èèyàn ní ṣéńjì. Búrẹ́dì tí ọkùnrin méjì máa jẹ yó kò tó náírà méjì. Kọ́bọ̀ ni mo fi ń wọ mọ́tò láti Yaba dé Ojú Ẹlẹ́gbà. Lónìí, bí o bá na kọ́bọ̀ sí ọmọdé, á bi ọ́ bóyá bọ́tìnnì ẹ̀wù ni.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí kò gbówó lórí ni ìbéèrè. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, ọ̀fẹ́ ló ṣì jẹ́. Ọ̀fẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi gba ipò tó yẹ mí.

Ọ̀gá wa jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó lọ sí yunifásítì. Nígbà tí wọ́n san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Ó háyà ṣọ́ọ̀bù kan ní Surulere, ní òpópónà tó já sí Ojú Ẹlẹ́gbà, ó ní ìwé lòun máa tà. Ọdún tí iṣẹ́ ṣòro gan-an ni. Mo ti gba oyè, mo ti wọ gbogbo ọ́fíìsì tí mo mọ̀ títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi lu, ibi gbogbo tí mo dé ló jẹ́ pé wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ ni, wọn ò gbà. Ọ̀gá ránṣẹ́ sí mi nínú yàrá tí mo háyà ní Yaba, ó ní, "Wá, máa bọ̀. Ìwọ lo mọ̀wé jù nínú àwọn tí mo kọ́. Ìwọ ni mo máa fi ṣe máníjà."

Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Mo kọ̀wé sílé pé mo ti di máníjà.

Ìwé ni kò tètè dé. Ìbàdàn ni a ti fẹ́ gba ìwé tí a máa tà, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní kò sí pépà, pé kí a ṣe sùúrù di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé. A kan pẹpẹ tán, a kùn ún, òfìfo ni. Àárín àsìkò yẹn ni Ọ̀gá mú ọmọbìnrin kan wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni. Ìyàwó Ọ̀gá ló mọ ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Mo ní, "Káàárọ̀, àbúrò." Mo rò pé akọ̀wé ni wọ́n mú wá fún mi.

Ọ̀gá jókòó lórí àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo náà, ó ní, "Ẹ gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, bí ìwé bá kún un dé àjà, eku ló máa kà á. Kí ìwé tó dé, ẹ wá bí àwọn èèyàn ṣe máa mọ ẹnu ọ̀nà yìí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé a ń polówó ohun tí a kò tíì ní. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáá ni. Ẹni tí àwọn èèyàn bá ń béèrè lọ́jọ́ tí a bá ṣílẹ̀kùn, òun ni màá fún ní kọ́kọ́rọ́."

Mo wo ojú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ti ṣèlérí fún mi ni.

Ó ní pátákó ìkọ̀wé méjì tó rà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ń ta ẹrù gbígbó. A fi okùn so wọ́n mọ́ irin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, tèmi lápá ọ̀tún ilẹ̀kùn, ti àbúrò lápá òsì. Ó pín ṣọ́ọ̀kì sí méjì fún wa.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ nǹkan. Mo kọ ìbéèrè márùn-ún nípa olú ìlú àwọn orílẹ̀-èdè, odò tó gùn jù, ọdún tí ogun ńlá parí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀ yóò gba ìwé ìkọ̀wé méjì àti báírò. Mi ò parọ́, ọjọ́ kejì, èrò pọ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama wá láti Mushin pàápàá. Ẹnì kan á gba ìdáhùn, ogún á dà á kọ. Mo fún àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní ẹ̀bùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá ní òun kò lè máa ra ìwé ìkọ̀wé kí òun tó ta ẹyọ kan. Mo fi ìbéèrè sílẹ̀ láìsí ẹ̀bùn, mo sì mú un le díẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀. Ẹyọ ènìyàn kan kò dúró.

Fọganáísà kan wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi. Ó wo pátákó mi títí, ó ní, "Bọ̀dá Gírámà, ìdánwò lẹ̀ ń ṣe fún wa ni? Èmi ti féèlì tèmi láti ìwé kẹfà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún un féèlì ni?"

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Bọ̀dá Gírámà.

Àbúrò kò tíì kọ nǹkan kan ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo àwọn tó ń kọjá lọ wọ mọ́tò. Nígbà tó yá, ó lọ tọrọ ìgò súìtì ńlá méjì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ohun tíńtìntín ní ẹ̀gbẹ́ wa, ó sì ṣa ìdérí ìgò ní ilé ọtí tó wà lójú títì, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÈWO LÓ BÁ MỌ́ÍNMỌ́ÍN MU: Ẹ̀KỌ MÍMU TÀBÍ Ẹ̀KỌ JÍJẸ? Ó gbé ìgò kan sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ó da ìdérí sínú abọ́ sáàárín.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbúrò, ilé oúnjẹ la fẹ́ ṣí ni?"

Ó ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì dúró, ìwé wo lẹ fẹ́ fi hàn án?"

"Kí ló kan ẹ̀kọ nínú ìmọ̀?"

"Kò kàn án. Gbogbo wọn ló ṣáà ti jẹ ẹ́ rí. Kò sẹ́ni tó máa féèlì."

Ó dùn mí pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ fọganáísà yẹn.

Ìbéèrè tí ẹni tó ń sáré lọ wọ mọ́tò lè kà láì dá ẹsẹ̀ dúró, ìdáhùn tí ọwọ́ lè ṣe ká tó la ẹnu: ohun tó ṣe nìyẹn. Mo rí i bí ọkùnrin kan tó wọ táì ṣe kọjá, tó ṣẹ́rí padà, tó mú ìdérí kan, tó jù ú sínú ìgò ẹ̀kọ jíjẹ, tó sì bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tó san gbèsè. Ìyá kan tẹ̀ lé e. Ó wo ìgò, ó rí i pé ẹ̀kọ jíjẹ ti ju ẹ̀kọ mímu lọ, ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí mà ti sọnù o!" Ó sọ ìdérí tirẹ̀ sínú èkejì. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń jiyàn lẹ́nu ọ̀nà wa. Láàárín wọn ni mo wà, mo di ṣọ́ọ̀kì mú, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Owú ni. Mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Bí ẹni ń gbé iyanrìn mì ni, kò dùn, kò sì dà.

Nígbà tó fi máa di Tọ́sìdeè, mo ṣàkíyèsí pé ìgò ẹ̀kọ mímu ṣàdéédé kún. Mo dúró ṣọ́ ọ. Fọganáísà ni! Ó ti kó ìdérí tirẹ̀ láti ilé ọtí, kíkún àpò ṣòkòtò. Mo dúró títí Ọ̀gá fi dé, mo sọ ọ́ lójú àbúrò pé, "Ẹ wò ó, sà, ìbò òjóró ni wọ́n ń dì níbí. Ẹnì kan ló da ìdérí tí ó kún àpò."

Ọ̀gá wo àbúrò. Fọganáísà fi táyà sílẹ̀, ó sún mọ́ wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bá Àǹtí wí o. Ebi ẹ̀kọ mímu ló ń pa mí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi di ọ̀la."

Ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì ni pé ó kun ìdérí tirẹ̀ ní àwọ̀ pupa, ó kó wọn sínú àwo, ó gbé àwo náà sórí itan rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì ti nà án sí wọn, á ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú ìyẹn?" Ìbéèrè kékeré yẹn nìkan. Wọ́n á sọ ọ́, á máa fetí sílẹ̀. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, á mú èyí tó dùn jù nínú ohun tí wọ́n sọ, á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátákó: *Ìyá kan láti Oto ní ẹni tó bá ń fi ẹ̀kọ jíjẹ jẹ mọ́ínmọ́ín, ìyàwó rẹ̀ ni kò lè ro ẹ̀kọ.*

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà wá láti Oto. Kò wá ra nǹkan kan, kò sí ohun tí a ń tà. Ó wá wo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Ó mú àbúrò rẹ̀ obìnrin dání. Ó ní, "Kà á fún mi." Obìnrin náà kà á. Ó ní kó tún un kà.

Èmi ni mo tú àṣírí ìbò òjóró náà. Bí mi ò bá tú u, kò ní máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ìdérí, kò ní mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí rí. Mo ń sọ ọ́ báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo Mọ́ńdè ló ń kọ ìbéèrè tuntun, gbogbo Sátidé ló ń ka ìdérí lójú gbogbo èèyàn. Kì í yí ìbéèrè padà láìkọ́kọ́ sọ ibi tí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá já sí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá rí ibi tí ó ń darí wọn sí. Lẹ́yìn ẹ̀kọ, ó bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ pìtàn fún wọn, bàbá ni tàbí ìyá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ ọ́ pé: ÌWÉ WO LẸ YÁ LỌ́WỌ́ ẸNÌ KAN TÍ Ẹ KÒ DÁ PADÀ?

Ìbéèrè yẹn ló gba Surulere kan. Àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin onítáì yẹn, akọ̀wé ọ́fíìsì kan ni, ó kọ tirẹ̀ sórí bébà pé òun ti gbé ìwé ìtàn ọ̀rẹ́ òun láti ìgbà tí àwọn wà nílé ẹ̀kọ́, pé ọ̀rẹ́ náà ti fẹ́yàwó, òun sì ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, òun ò lè jẹ́wọ́ síbẹ̀. Wọ́n kà á sókè lẹ́nu ọ̀nà wa títí omi fi jáde lójú àwọn kan.

Èmi ni mo ni ìbéèrè yẹn. A jọ ń jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án ni, mo sọ fún un pé ìwé ẹnìkan ṣì wà lọ́dọ̀ mi láti yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín. Ní Mọ́ńdè, mo bá a lórí pátákó. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn ni mo ṣe mú un. Ẹ̀yin náà ì bá ti kọ ọ́." Òótọ́ ni, ǹ bá ti kọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí nínú.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e wá kan ọjà, ṣùgbọ́n kò dún bí ọjà. Ó ní ìwé wo ni wọ́n fẹ́ tún rí kà kí wọ́n tó dàgbà jù. Ọ̀gá ti kọ àwọn ìwé ńláńlá sínú ohun tí a fẹ́ béèrè nílùú Ìbàdàn, èmi ni mo bá a yàn wọ́n, ìwé tí a lò ní yunifásítì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n kà ní ìwé kẹfà ni wọ́n fẹ́. Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ni wọ́n fẹ́. Àwọn aránṣọ fẹ́ ìwé tó ní àwòrán aṣọ. Ọ̀gá ka gbogbo rẹ̀, ó mú bébà tí a kọ lọ sí Ìbàdàn, ó ní kí n tún un kọ.

Mo tún un kọ. Ṣùgbọ́n mo pinnu pé kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mo ronú sí ohun tí mo ní tí kò ní. Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i. Èmi, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí, mo sì mọ àlọ́. Mo nu gbogbo olú ìlú orílẹ̀-èdè kúrò lórí pátákó mi, mo kọ ọ́ pé: ÀÀLỌ́ O! MO FÚN Ọ, O GBÀ Á LỌ, SÍBẸ̀ GBOGBO RẸ̀ ṢÌ WÀ LỌ́WỌ́ MI. KÍ NI O?

Èmi fúnra mi ni mo hun ún. Ìtàn ni ìdáhùn tó wà lọ́kàn mi. Bí mo bá sọ ìtàn fún ọ, o gbé e lọ, kò dín lọ́dọ̀ mi. Ó yẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìwé.

Kò tíì pẹ́ tí mo kọ ọ́ tán tí ìyá tó ń ta ohun tíńtìntín fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Ta ló ń pàlọ́ lọ́sàn-án gangan? Bọ̀dá Gírámà, ṣé ìyá yín wà láyé?"

"Ó wà láyé, mà."

"Ẹ wá fẹ́ kí nǹkan ṣe é ni? Ẹ nù ún!"

Mo ní ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó wò mí bíi kó gbá mi létí. Àwọn tó dúró náà ń mi orí. Mo rántí pé ìyá ìyá mi gan-an kì í pàlọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Mo nù ún. Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo gbé àtùpà síta, mo tún un kọ.

Kí n má parọ́, ìrọ̀lẹ́ yẹn wà lára ọjọ́ tí inú mi dùn jù láyé. Àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ dúró. Mo kígbe pé, "Ààlọ́ o!" Wọ́n dáhùn pé, "Ààlọ̀!" láti ẹnu ọ̀nà wa dé abẹ́ igi fọganáísà. Ẹnì kan ní orúkọ ni. Akọ̀wé onítáì ní ikọ́ ni, pé ìyàwó òun fún òun, ó ṣì ń wú u. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ti bú mi lọ́sàn-án gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ wa. Àbúrò jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìní àwo ìdérí lórí itan, ó ń wo ẹnu mi.

Fọganáísà wá dìde, ó ní, "Iná ni! Mo fi àtùpà mi tan tìrẹ, o gbé e lọ, tèmi ṣì ń jó."

Ariwo sọ. Ìdáhùn náà bá a mu régí. Ó tiẹ̀ bá a mu ju tèmi lọ lójú àwọn tó wà níbẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ pé ìtàn ni, mo wá rí i pé bí mo bá sọ ọ́, ìjà máa dé. Mo ní, "Mi ò ní sọ báyìí. Ọjọ́ tí a bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni màá já a."

Wọ́n kùn hùùù. Ṣùgbọ́n wọ́n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ìrọ̀lẹ́ kẹta, wọ́n ń jiyàn rẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn tó ní iná ni ìdáhùn dúró sápá kan. Àbúrò sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má já a o. Èyí dáa ju tèmi lọ." Ọ̀gá náà dé lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́yìn èrò, ó mi orí. Mo sùn dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí. Nítorí pé àlọ́ kì í wà níta lọ́sàn-án, pátákó mi ń ṣófo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Pátákó àbúrò kì í ṣófo. Nígbà tí páálí ìwé àkọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn, tó kù bí ọ̀sẹ̀ kan ká ṣílẹ̀kùn, ara Ọ̀gá kò gbà á mọ́. Ó ní ká kọ ohun tó dé àti iye rẹ̀ síta.

Àbúrò kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì dárúkọ owó. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ọ̀kan sí i."

"Ìbéèrè, ìbéèrè! Ìgbà wo ni a máa dáhùn? Ó dáa, fi tìẹ sílẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Tìrẹ kò ní nǹkan kan lórí lọ́sàn-án. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ẹni tó kọ́ mi láti kékeré ló ní kí n kọ ọ́. Kí ni kí n sọ? Mo kọ ọ́: ìwé báyìí, iye báyìí, dáadáa, ìlà kan lábẹ́ ìkejì.

Fọganáísà ló kọ́kọ́ rí i. Ó dúró pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́, ó kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹhn-ẹ́n. Bọ̀dá Gírámà. Ibi tẹ́ ẹ ń lọ láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù ìwé ṣáà ni. Kí lo rò pé a máa tà, táyà?"

"Mi ò sọ nǹkan. Mo kàn rò pé àlọ́ lẹ̀ ń pa fún wa ni."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé àtùpà síta, mo nu iye owó kúrò, mo kọ àlọ́ mi padà. Mo ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn tó dáhùn, ẹnu wọn kò tó èyí tó lè bo ariwo mọ́tò. Àwọn yòókù ń wo ẹ̀yìn àwọn ọ̀rọ̀ náà bíi pé wọ́n ṣì ń rí iye owó níbẹ̀. Akọ̀wé onítáì kọjá lódìkejì títì.

Ohun tí àbúrò bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn náà ni pé: TÍ ILẸ̀KÙN YÌÍ BÁ ṢÍ NÍ SÁTIDÉ, TA LẸ MÁA MÚ DÁNÍ? Kò dárúkọ ìwé, kò dárúkọ owó. Wọ́n ń dáhùn: ìyàwó mi, ọmọ mi, ọ̀rẹ́ tí mo gbé ìwé rẹ̀.

Wọ́n sì wá. Ó ti fi bébà pélébé há inú ìwé kọ̀ọ̀kan. Inú ìwé ìtàn kan, ó kọ ọ́ pé, *Ti ìyá Oto tó ní òun fẹ́ tún gbọ́ ọ.* Inú ìwé lẹ́tà, *Ẹni tó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí bàbá òun fúnra òun.* Inú ìwé ìtàn mìíràn, *Fún dídá padà, kí ọ̀rẹ́ má bàa mọ̀.* Akọ̀wé onítáì rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ra méjì.

Ilẹ̀kùn ni Ọ̀gá dúró sí. Èmi dúró tì í, mo wọ àgbádá mi tó dára jù. Ẹni tó bá ti ń wọlé, ohun tó ń sọ ni pé, "Àǹtí dà?" Ìyá Oto: "Àǹtí dà?" Àwọn aránṣọ: "Àǹtí ńkọ́?" Fọganáísà wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní kó tó wọlé, ó kí mi, "Bọ̀dá Gírámà, ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì kọjá lára mi, "Àǹtí wà ńbí?"

Mo dúró de ẹnì kan tí yóò bi mí pé, kí ni ìdáhùn àlọ́ yẹn. Mo ti ṣèlérí pé ọjọ́ yẹn ni màá já a. Ọ̀sán ni, bí wọ́n tiẹ̀ bi mí, mi ò ní lè sọ ọ́.

Ọ̀gá fún un ní kọ́kọ́rọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ o. Ta ló máa pàlọ́ fún wa?" Mi ò lọ. Mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ títí mo fi rí iṣẹ́ olùkọ́. Kò ṣe ọ̀gá lé mi lórí rí, bó bá ṣe é, ì bá rọrùn fún mi. Àwọn oníbàárà ń bèèrè rẹ̀ títí ọjọ́ tí mo lọ. Títí dòní, bí mo bá pàdé ará àdúgbò yẹn, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àǹtí yẹn ńkọ́?"

Ọ̀gá ti lọ. Ibi ìsìnkú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bi mí léèrè Àǹtí. Ìyá tó ń ta ohun tíńtìntín ti lọ tipẹ́, ọmọ rẹ̀ ló jókòó sí àyè rẹ̀. Akọ̀wé onítáì lọ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó jẹ́wọ́. Ìyá Oto, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Fọganáísà wà láyé, ó ti hó lórí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń lẹ táyà báyìí. Bí ó bá rí mi, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Iná ni o!"

Èmi náà wà.

Àbúrò wà, ó ń gbé ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù lánàá, ó kí mi, ó bèèrè orúnkún mi, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ni ìdáhùn yẹn gan-an?"

Mo wo ojú fèrèsé. Oòrùn ṣì wà lókè.

Mo ní, "Pè mí tó bá di ìrọ̀lẹ́."